Márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bébà kan ṣoṣo ni, ó ti ń pọ́n létí. A to orúkọ ohun márùn-ún sí apá òsì, a sì fi àyè sílẹ̀ ní apá ọ̀tún fún máàkì láti 1 dé 5. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́: ìrísí 5, òye 5, ìmọ̀ iṣẹ́ 5, àkọsílẹ̀ 5, òótọ́ inú 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25 nínú 25. Mo tún fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń bú ìbúra.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín òògùn fún àwọn kẹ́míìsì nílùú Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. A ń wá ẹni tó máa bójú tó yàrá ẹrù, tí gbogbo wa ń pè ní sítókípà. Àwa mẹ́ta la jókòó láti fọ̀rọ̀ wá àwọn tó kọ̀wé sí wa lẹ́nu wò: ọ̀gá wa, màmá tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìṣirò owó, àti èmi tí mò ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Ọ̀dọ́kùnrin tí mo fún ní márùn-ún yìí wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Kò tíì rí àga tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ òde òní, tí ọwọ́ kan ń kan ilẹ̀ tí èkejì ń di táì mú. Àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Màmá ní, “Ọmọ yìí, ilé ire lo ti wá.” Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ohùn Ìjẹ̀bú lẹ́nu rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú sì lèmi náà. Mo bi í ní ilé-ìwé tó lọ. Ilé-ìwé tí mo lọ ni. Mo bi í bóyá ó bá tíṣà ìṣirò kan báyìí níbẹ̀, ó dìde, ó fi bí bàbá náà ṣe ń rìn hàn wá. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ọ̀gá. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú la lò pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló sì gba èyí tó pọ̀ jù.

Oṣù keje tó dé la ka ẹrù. A bá páálí òògùn ibà méjìlélógún lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ọjọ́ wọn ti kọjá. Èyí tó dé lẹ́yìn wọn ló ń gbé fún oníbàárà, torí pé iwájú ló wà. Káàdì tó yẹ kó máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sí kò ní àkọsílẹ̀ kankan mọ́ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kò jí kọ́bọ̀. Ọmọ dáadáa ni títí dòní, ó ṣì máa ń kí mi lọ́dún. Àkọsílẹ̀ ni kò lè ṣe, ibi tí mo sì ti fún un ní 5 nìyẹn. Nígbà tí mo ronú padà sẹ́yìn, mo rí i pé nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan nípa àkọsílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ibo wá ni 5 yẹn ti wá?

Ní ọdún 1920, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Edward Thorndike, yẹ ìwé tí àwọn ọ̀gá ológun fi ń fún àwọn ọmọ abẹ́ wọn ní máàkì wò. Wọ́n ń fún wọn ní máàkì fún bí ara wọn ṣe rí, fún òye, fún bí wọ́n ṣe lè darí èèyàn, àti fún ìwà. Ohun tó gba àfiyèsí rẹ̀ kì í ṣe pé máàkì ga tàbí pé ó kéré. Ó rí i pé àwọn máàkì náà bára wọn mu jù. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ pé ara rẹ̀ dára, òye rẹ̀ náà á dára lójú wọn, ìwà rẹ̀ á sì dára. Ẹ̀dá kì í rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa mọ ẹni tó gbọ́n tí kò ṣeé bá gbé, a sì mọ oníwà jẹ́jẹ́ tí kò lè ṣírò owó ṣéńjì. Thorndike sọ àṣìṣe yìí ní orúkọ ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ayàwòrán máa ń fi yí orí ẹni mímọ́ ká. Ìmọ́lẹ̀ orí ni èmi máa pè é níhìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ló tan iná, ara yòókù sì ń dán nínú rẹ̀.

Ní ti ọ̀dọ́kùnrin mi, ìdọ̀bálẹ̀ ló tan iná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: mi ò bá ìdọ̀bálẹ̀ jà. Ìrínisí ni ìsọnilójọ̀, àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé bí ayé ṣe rí ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ sọ fún wa ni pé ẹnì kan kọ́ ọmọ náà ní ìkíni. Kò sọ ohunkóhun nípa káàdì ẹrù. Èmi ni mo gbé e láti orí ilẹ̀ lọ sí orí káàdì, ọ̀nà náà sì kúrú débi pé mi ò mọ̀ pé mo rìn ín.

Àìmọ̀ yẹn gan-an ló burú jù. Ní 1977, Richard Nisbett àti Timothy Wilson, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi fídíò olùkọ́ kan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ará Bẹ́ljíọ̀mù ni, ohùn ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń hàn tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú fídíò kan, ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ èèyàn. Nínú èkejì, ó le koko. Ọkùnrin kan náà ni, ojú kan náà, ohùn kan náà. Àwọn tó rí i nígbà tó yọ̀ mọ́ èèyàn ní ohùn rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ sì wuni. Àwọn tó rí i nígbà tó le koko ní ohùn náà ń bí àwọn nínú. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n bóyá bí wọ́n ṣe fẹ́ràn olùkọ́ náà tàbí bí wọn ò ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ló fà á, wọ́n ní rárá. Nítorí náà, tí ẹ bá sọ fún mi pé ẹ mọ ara yín, pé irú rẹ̀ kì í ṣe yín, mo gbọ́. Èmi náà á ti búra.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òògùn ibà yẹn, mo kó gbogbo bébà ọjọ́ náà jáde. Mo fẹ́ mọ ẹni tí a fi sílẹ̀. Lára wọn ni obìnrin kan tí òjò ti pa kó tó dé, ó sì pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo ti fún un ní 2, 2, 3, 2, 2. Ìbéèrè tí a bi í wà lẹ́yìn bébà, mo kà á, ojú tì mí. Èyí àkọ́kọ́ ni “Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́?” Èkejì ni “Ṣé ẹ máa lè máa dé lásìkò tí a bá gbà yín?” Ìdí tó fi kúrò níbi iṣẹ́ tó ti ṣe ni ẹ̀kẹta. Ọkùnrin náà ṣeré, obìnrin yìí rojọ́. Ẹni tó ń rojọ́ kì í rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì já gaara. Nígbà tí ó jáde, a ní kò láyà tó. Àwa la mú àyà náà kúrò.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í sábà rí nípa àkọ́rí, ìyẹn ohun tí a kọ́kọ́ rí lára ẹni, nìyẹn. Wọ́n rò pé máàkì nìkan ló ń bàjẹ́. Solomon Asch, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ti fi hàn ní 1946 pé tí a bá ka ìwà mẹ́fà kan náà fún èèyàn, tí a fi rere ṣáájú, lára “olóye” àti “òṣìṣẹ́ kára”, kó tó wá kan “olóríkunkun” àti “onílara”, ẹni tí wọ́n máa rí lọ́kàn á dára ju ti ẹni tí a ka ìwà rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ìyẹn jẹ́ ìwé tí a kà lásán. Ní yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó tún burú sí i, torí pé àwa fúnra wa là ń yan ọ̀rọ̀ tó kàn. Àkọ́rí ló ń yan ìbéèrè, ìbéèrè ló ń yan ìdáhùn, a ó wá gbé ìdáhùn náà dìde pé ẹ̀rí rèé.

Ní ti ìjọra, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni bí ẹni, èèyàn bí èèyàn: ọmọ ilé-ìwé wa, ọmọ ìlú wa, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lauren Rivera, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2012 nípa àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń gba agbẹjọ́rò àti òṣìṣẹ́ báńkì, ó sì rí i pé eré ìdárayá tí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ àti ẹni tó ń wáṣẹ́ jọ fẹ́ràn lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Tiwa níhìn-ín kì í wọṣọ eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wọ̀ ni “ó máa bá wa mu”. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, mo máa ń béèrè pé, kí ni á bá mu? Tí ìdáhùn bá ní orúkọ ìlú nínú, mo ti mọ ibi tó ń lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e la tún wá sítókípà. Ọ̀gá gbà kí n ṣe é bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n má sọ ọ́ di ìdánwò Wáẹ̀kì.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti yàrá ẹrù. Mo bá ẹni tó ti pẹ́ jù níbẹ̀ jókòó, mo ní kó sọ fún mi àwọn ọjọ́ tí sítókípà kan gba ilé-iṣẹ́ là àti àwọn ọjọ́ tí ó kó wa sí gbèsè. Nǹkan bí mẹ́tàlá ló rántí. Nígbà tí mo tò wọ́n, ohun mẹ́rin ni gbogbo wọn já sí: kíka ẹrù kí ó bá ìwé mu, títọ́jú òògùn inú fíríìjì, kíkọ̀ láti gbé ẹrù fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, àti mímọ òògùn tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé. “Ìrísí” kò sí níbẹ̀. “Òye” náà kò sí níbẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wọ̀n nígbà tó bá kọ ọ́.

Ohun kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wọlé la ó sì bi ní ìbéèrè kan náà, ní ọ̀nà kan náà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti fíríìjì. Ìbéèrè náà ni: “Ẹ dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Iná ti lọ láti alẹ́ àná. Tẹmómítà inú fíríìjì tí ínsúlíìnì wà ń ka 13. Kí lẹ máa ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin?” Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ló yẹ kí ínsúlíìnì tí a kò tíì ṣí wà. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, a ti jọ kọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Ẹni tó bá ní òun á tan jẹnẹrétọ̀ kí òun máa tà á lọ, 1 nìyẹn. Ẹni tó bá kó o sínú kúlà tó ní yìnyín, tó sì pe ọ̀gá, gba 3. Ẹni tó bá yà á sọ́tọ̀ pé kí a má tà á, tó kọ aago àti ohun tí tẹmómítà kà sílẹ̀, tó pe apòògùn kó tó tà á tàbí kó dà á nù, tó sì mọ̀ pé yìnyín kò gbọdọ̀ kàn án torí pé ínsúlíìnì tó bá ti dì ti bàjẹ́, 5 ni tirẹ̀. 2 àti 4 wà fún ẹni tó bọ́ sáàárín.

Kíkọ àkọsílẹ̀ yìí ló gba àkókò jù, ọjọ́ méjì gbáko, òun náà ló sì ṣe iṣẹ́ jù. Tí 5 kò bá ní ìtumọ̀, ojú la fi ń fún èèyàn ní 5.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin mẹ́ta tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi pa mọ́. Èkínní, kí a kọ máàkì ìbéèrè kan kí a tó bi èkejì, kí a sì kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èkejì, kí a má sọ ohunkóhun fún ara wa nípa ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde títí a ó fi ka máàkì jáde, kódà kí a má mí kanlẹ̀, torí pé ọ̀gá wa mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá mọ ẹnì kan lára wọn, tàbí tó jọ lọ ilé-ìwé kan náà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú kó sì jẹ́ kí ẹlòmíì bi onítọ̀hún ní ìbéèrè. Ní ti ìkíni, akọ̀wé ló ń gbà wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fún wọn lómi, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí òjò pa gbẹ ara.

Ẹni méjì ló kù nígbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀kan ní Aláṣọ Funfun, kí n pe èkejì ní Ọlọ́rọ̀ Jẹ́jẹ́. Aláṣọ Funfun sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Máàkì tí mo fún un jẹ́ 4, 2, 3, 2. Ti Màmá jẹ́ 4, 2, 2, 2. Ti ọ̀gá jẹ́ 5, 4, 4, 4. Ọlọ́rọ̀ Jẹ́jẹ́ gba 3, 4, 5, 4 lọ́wọ́ mi, 3, 4, 4, 5 lọ́wọ́ Màmá, 2, 4, 4, 3 lọ́wọ́ ọ̀gá. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Aláṣọ Funfun ní 38, Ọlọ́rọ̀ Jẹ́jẹ́ ní 45.

Ẹ wo ìlà ọ̀gá lórí Aláṣọ Funfun: 5, 4, 4, 4. Màmá àti èmi rí ẹni kan tó mọ ẹrù kà, tí kò sì mọ nǹkan gidi nípa fíríìjì. Ọ̀gá rí ẹni kan tó mọ gbogbo nǹkan. Mo rọra bi í pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló sọ nípa ínsúlíìnì tí ẹ fi fún un ní 4?” Ó wo bébà rẹ̀. Nǹkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kò sí nǹkan kan. Màmá ka tirẹ̀ sókè: “Ó ní òun á pe ẹni tó ń tún iná ṣe.” Ọ̀gá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ṣé ohun tó sọ nìyẹn? Ó dùn létí mi nígbà tó ń sọ ọ́.” Ó sọ ọ́ di 2. A ti fi ẹnu kò pé ẹnikẹ́ni lè yí máàkì rẹ̀ padà, kìkì tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni náà ló yí i. Bí ọ̀gá bá sọ pé “mo kàn rí i pé ó dáa”, máàkì náà á dúró síbi tó wà.

Ọ̀gá tún bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ náà tí mo ṣì ń rò. Ó ní, “Ṣé gbogbo ọdún tí mo ti fi ń gba òṣìṣẹ́, ojú mi kò rí nǹkan kan ni?” Daniel Kahneman, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, bá irú rẹ̀ pàdé ní 1955, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nínú iṣẹ́ ológun Ísírẹ́lì. Ó ṣe ètò kan tí wọ́n á fi wọn ìwà mẹ́fà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n á parí máàkì ọ̀kan kí wọ́n tó kan èkejì. Àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò bínú, wọ́n ní ó ń sọ àwọn di ẹ̀rọ. Ó bá wọn rẹ́: kí wọ́n ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bó ṣe ní kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n wá di ojú ní ìparí, kí wọ́n fún ẹni náà ní máàkì kan láti inú ọkàn wọn. Máàkì ọkàn yẹn sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ dáadáa bí àròpọ̀ àwọn mẹ́fà ṣe sọ ọ́. Mo sọ ìtàn náà fún ọ̀gá, inú rẹ̀ dùn, a sì fi àpótí kékeré kan kún ìsàlẹ̀ bébà fún máàkì ojú. Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé a kì í kọ nǹkan sínú rẹ̀ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kún.

A gba Ọlọ́rọ̀ Jẹ́jẹ́. Mi ò ní sọ fún yín pé ó di akọni. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, káàdì rẹ̀ ń bá ẹrù mu, ó sì máa ń bínú sí àwọn awakọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí ìbéèrè mẹ́rin wa kò wọ̀n. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí àkójọ ìwádìí sọ ni kí a gbára lé, òun náà kò sì pariwo: nínú èyí tí onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2022, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ètò bá iṣẹ́ tí ẹni náà máa ṣe mu ní ìwọ̀n 0.42, níbi tí 1 ti jẹ́ pé ó bá a mu láìkù síbì kan, tí 0 sì jẹ́ pé kò bá a tan rárá. Èyí tí kò ní ètò jẹ́ 0.19. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, ó sì ṣì jìnnà sí 1. Ìdí nìyẹn tí a fi fi iṣẹ́ ọwọ́ kún un: káàdì ẹrù kan tí a ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìṣirò rẹ̀ níbi mẹ́ta. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sórí rẹ̀ dípò orúkọ, Màmá sì ń gbé e lọ sílé láti máàkì rẹ̀.

Ètò náà máa ń bàjẹ́. Ìbéèrè máa ń jó dé ìta lẹ́yìn bí ọdún kan, kí gbogbo èèyàn wá máa ka 5 fún wa bí orin, a sì ní láti pààrọ̀ wọn. Èyí tó tún ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé àwọn èèyàn máa ń fi bébà sílẹ̀ lófìfo títí ẹni náà á fi jáde, wọn á wá fi ìlà kan kọ gbogbo rẹ̀. Ó rọrùn láti mọ̀. Mo máa ń kó bébà ẹnì kan ṣoṣo lára àwa tó ń bi ìbéèrè jọ ní ìrọ̀lẹ́, mo ń wo ìlà kọ̀ọ̀kan láti òsì lọ sí ọ̀tún. Tí gbogbo èèyàn tó bá pàdé bá gba 4, 4, 4, 4 tàbí 2, 2, 2, 2, mo mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ló wọ̀n nígbà mẹ́rin. Ohun tí Thorndike rí náà ni.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a tún fẹ́ gba ẹnì kan. Mo ti rí àkójọ orúkọ. Ẹnì kẹrin jẹ́ ọmọ ilé-ìwé wa, ọdún tó jáde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àbúrò mi mu. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, Màmá ni yóò bi í ní ìbéèrè. Mo ti ń fẹ́ràn rẹ̀ báyìí, mi ò tíì rí i rárá.